Ìlà tí wọ́n fà gba orí orúkọ: kíka ojú-ìwé kan nínú ìwé gbèsè òṣómàáló

Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí ojú-ìwé kan ṣoṣo nínú ìwé gbèsè ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà kan tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. Oṣù kẹfà ọdún 1961 ló kọ ojú-ìwé náà. Ìlà mẹ́jọ péré ló wà níbẹ̀, àti àpapọ̀ owó nísàlẹ̀. Nínú mẹ́jọ yìí, márùn-ún ni wọ́n ti fa nǹkan gba orí wọn, omi sì tún ti ba ọ̀kan jẹ́ nínú márùn-ún ọ̀hún. Àwọn ẹbí rẹ̀ gbà kí n kọ̀wé nípa rẹ̀, wọ́n kàn ní kí n má dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Kí ìwé gan-an tó dé ọwọ́ mi, ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ dé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ bàbá náà ló fi sùúrù tẹ̀ ẹ́, ojú-ìwé tó lé ní ọgọ́ta. Ọmọ náà ṣiṣẹ́, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlà tí wọ́n bá ti fà pa ló fò, torí lójú tirẹ̀, ohun tí èèyàn bá fà pa, àṣìkọ ni. Nítorí náà, oníbàárà mẹ́ta péré ló kù lórí ojú-ìwé tí mò ń sọ yìí, pọ́n-ùn márùn-ún, ṣílè mẹ́fà àti sísì ni gbèsè wọn lápapọ̀, kò sì sí ẹnì kankan nínú wọn tó san tán. Bó ṣe rí lójú-ìwé kan ló rí ní gbogbo ìyókù. Ẹni tó bá wo àtẹ náà yóò rò pé ní gbogbo ọdún tí bàbá fi tajà, kò sí oníbàárà kan ṣoṣo tó san gbèsè rẹ̀ parí.

Èyí wá bá ìtàn kan mu tí wọ́n ti ń sọ nínú ẹbí tipẹ́, pé gbèsè tí àwọn ará Àkúrẹ́ jẹ bàbá ló wó òwò rẹ̀. Wọ́n ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ìrántí tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ fún un, wọ́n sì fẹ́ fi àtẹ náà ṣe ẹ̀rí. Ẹ ro ó wò. Ìyá Alákàrà tó wà lójú-ìwé yẹn bímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ bímọ, ìlú kan náà ni wọ́n sì wà títí dòní. Ìnagijẹ lásán kọ́ nìyẹn ní àdúgbò tí gbogbo èèyàn ti mọ ara wọn.

Ẹni tó bá mọ òwò òṣómàáló kò ní yára gba irú àtẹ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Gbólóhùn ni orúkọ yẹn fúnra rẹ̀: òṣó ni màá ló, n ò ní jókòó, títí màá fi gba owó mi. Àwọn Ìjẹ̀ṣà ló sọ òwò náà di ńlá. Wọ́n ń ra aṣọ lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ní Èkó, ní Ìbàdàn, àti ní Òṣogbo tí ọkọ̀ ojú irin dé ní 1907, wọ́n sì ń gbé e kiri ìlú tà láwìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. D. Y. Peel sọ̀rọ̀ wọn nínú ìwé tó kọ lórí Iléṣà, èyí tó jáde ní 1983. Owó àwìn ju owó ojú ẹsẹ̀ lọ, wọ́n sì ń gba owó náà díẹ̀díẹ̀. Àwìn gan-an ni òwò wọn. Bí oníbàárà kò bá sì san gbèsè rárá, ọjà kò ní tún rí owó rà, ìwé gbèsè kò sì lè dé ojú-ìwé ọgọ́ta.

Ẹ jẹ́ kí n to ojú-ìwé náà síbí, bí mo ṣe rí i. Fún ẹ̀yin tí wọ́n bí lẹ́yìn 1973 tí náírà dé: pọ́n-ùn kan jẹ́ ogún ṣílè, ṣílè kan jẹ́ kọ́bọ̀ méjìlá, kọ́bọ̀ mẹ́fà ni sísì. Bí ẹ bá rí 3/6, ìdá kọ́, ṣílè mẹ́ta àti sísì ni. 14/- ni ṣílè mẹ́rìnlá géérégé. Nínú àtẹ yìí, pọ́n-ùn ló ṣáájú, ṣílè tẹ̀ lé e, kọ́bọ̀ ló gbẹ̀yìn. Ọ̀pá ni yáàdì aṣọ.

| Ìlà | Orúkọ bó ṣe kọ ọ́ | Aṣọ | Ọ̀pá | Owó | Ohun tó wà lórí ìlà |
|---|---|---|---|---|---|
| 1 | Iya Alakara | ankara | 6 | 1-4-0 | ìlà pẹ́ńsùlù kan |
| 2 | Telo | kaki | 10 | 1-15-0 | ìlà pẹ́ńsùlù kan |
| 3 | Iya Ibeji | ankara | 12 | 2-8-0 | kò sí |
| 4 | Tisa | damasi | 5 | 1-17-6 | ìlà pẹ́ńsùlù kan |
| 5 | Baba Onikeke | kaki | 4 | òfo-14-0 | tàdáwà, fífà wúruwùru |
| 6 | Baba Onikeke | kaki | 6 | 1-1-0 | kò sí |
| 7 | Iya Eko | „ | ? | ? | omi, ìlà pẹ́ńsùlù kan |
| 8 | Iyawo Pasito | aran | 3 | 1-17-6 | kò sí, „43” létí ìwé |
| | | | Àpapọ̀ | 11-11-0 | |

Ẹ kíyè sí i pé n kò fi àmì ohùn sórí orúkọ kankan. Bàbá kò fi sí i, èmi náà kò sì gbọdọ̀ fi sí i nínú òpó tí mo ti ń da ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ. „Iya Eko” lè jẹ́ ìyá tó wá láti Èkó, ó lè jẹ́ ìyá tó ń ta ẹ̀kọ. Bí mo bá fi àmì sí i, mo ti yan ọ̀kan fún yín láìbéèrè. Òpó mìíràn wà fún ohun tí mo rò.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo àwọn ìlà tó fà pa. Ohun tí mo kọ́kọ́ wò ni ohun ìkọ̀wé tó lò. Gègé àti tàdáwà búlúù ni bàbá fi kọ gbogbo ìlà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, nínú ṣọ́ọ̀bù, lórí tábìlì. Pẹ́ńsùlù ló fi fa ìlà 1, 2, 4 àti 7 pa, ìlà kan ṣoṣo tó gún, tí èèyàn ṣì lè ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Irú pẹ́ńsùlù tí àwọn akọ̀wé ń lò láyé ọjọ́un ni, èyí tó ń di aró elésè àlùkò bí omi bá kàn án. Tàdáwà ló wà lórí ìlà 5, tàdáwà kan náà tó fi kọ ọ́, ó sì fà á wúruwùru bí ẹni tí inú ń bí. Lábẹ́ rẹ̀ gan-an ló tún orúkọ kan náà kọ, ọ̀pá mẹ́fà dípò mẹ́rin. Àṣìkọ ni ìlà 5, ojú ẹsẹ̀ ló sì tún un ṣe. Àwọn ti pẹ́ńsùlù ni wọ́n dé lẹ́yìn, lọ́jọ́ mìíràn, pẹ̀lú ohun ìkọ̀wé tó ń fi sápò lọ gba owó.

Báwo la ṣe mọ̀ pé sísan ni ìlà pẹ́ńsùlù? Ẹ wo ìlà 4. Létí orúkọ tíṣà yẹn, pẹ́ńsùlù kan náà kọ 10/-, 10/-, 10/-, 7/6 wẹ́wẹ́wẹ́. Ẹ ròó pọ̀, ṣílè mẹ́tàdínlógójì àti sísì ni, bí gbèsè rẹ̀ ṣe jẹ́ gẹ́lẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló wá fa ìlà. Létí Ìyá Ìbejì, 5/-, 5/- àti 10/- ló wà, ogún ṣílè nínú méjìdínláàádọ́ta, kò sì fa ìlà kankan. Létí ìlà 6, 10/- ló wà nínú mọ́kànlélógún, kò sí ìlà níbẹ̀ náà. Ìlà á dé bí owó bá pé, kò ní dé bí owó kò bá pé.

Ẹ̀rí tó tóbi jù sì wà nísàlẹ̀ ìwé. Ìgbà tí ojú-ìwé kún ni bàbá ro owó pọ̀, tàdáwà ló fi kọ ọ́: pọ́n-ùn mọ́kànlá, ṣílè mọ́kànlá. Bí ẹ bá ro kìkì àwọn ìlà tí wọn kò fà pa, pọ́n-ùn márùn-ún, ṣílè mẹ́fà àti sísì ni ẹ máa rí, bíi ti ẹ̀dà orí kọ̀ǹpútà. Kò lè dé mọ́kànlá láéláé, àyàfi tí a bá ka àwọn tí pẹ́ńsùlù fà mọ́ ọn. Bàbá fúnra rẹ̀ kà wọ́n mọ́ ọjà tó tà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tẹ àpapọ̀ yẹn pẹ̀lú, ó sì kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé bàbá ṣi ìṣirò ṣe! Ó dùn mí díẹ̀. Òǹtajà tó ń fi orí ṣe ìṣirò ṣílè àti kọ́bọ̀ láàárọ̀ dalẹ́, kí ẹ tó pè é ní ẹni tó ṣìrò, ẹ kọ́kọ́ wádìí ara yín wò.

Ó wá ku ìlà 7 tí omi bà jẹ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ gidi wà, ibẹ̀ náà ni ọ̀gbọ́n ìṣirò nìkan ti lè tanni jẹ. Orúkọ ṣì hàn. Àmì méjì kéékèèké tó túmọ̀ sí „bíi ti òkè” ṣì hàn lábẹ́ kaki, nítorí náà kàkí ni aṣọ. Iye ọ̀pá àti owó ló ti di àbàwọ́n búlúù, elésè àlùkò sì pò mọ́ ọn níbi tí ìlà pẹ́ńsùlù gbà kọjá.

Nínú àwọn ìlà tó hàn, a mọ̀ pé 3/6 ni ó ń ta ọ̀pá kàkí kan. Nítorí náà, owó ìlà 7 gbọ́dọ̀ jẹ́ iye kan tí 3/6 lè pín láìṣẹ́kù. Bí a bá yọ ìlà 5 kúrò torí àṣìkọ ni, àwọn ìlà mẹ́fà yòókù jẹ́ pọ́n-ùn mẹ́wàá àti ṣílè mẹ́ta. Ohun tó kù kó pé pọ́n-ùn mọ́kànlá àti ṣílè mọ́kànlá ni pọ́n-ùn kan àti ṣílè mẹ́jọ, ìyẹn ọ̀pá kàkí mẹ́jọ gééré. Ó dára, àbí? Ẹ dúró ná. Bí bàbá bá gbàgbé, tó ka ṣílè mẹ́rìnlá ti ìlà 5 mọ́ àpapọ̀, ohun tó máa kù fún ìlà 7 ni ṣílè mẹ́rìnlá. Ọ̀pá mẹ́rin gééré nìyẹn náà! Ìdáhùn méjì ló wà, ìṣirò sì gba méjèèjì. Ẹni tó bá rí ti àkọ́kọ́ tó sì dúró síbẹ̀ ti yan ọ̀kan láìmọ̀ pé èkejì wà.

Ohun tó bá wa parí rẹ̀ ni iná tọ́ọ̀ṣì. Mo pa iná yàrá, mo fẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, mo sì gbé tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè máa rá kọjá lórí ìwé dípò kó wá láti òkè. Omi lè kó tàdáwà lọ, ṣùgbọ́n ibi tí ẹnu gègé ti tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kò ní tètè kún. Nínú ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ yẹn, òjìji máa ń wà nínú kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ náà. Mo ya fọ́tò mẹ́rin, mo ń yí tọ́ọ̀ṣì káàkiri igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí kòtò tó bá dọ́gba pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ kì í hàn. Iye ọ̀pá kò hàn dáadáa, bíríkítí kan ṣoṣo lókè ni mo rí. Ṣùgbọ́n nínú òpó pọ́n-ùn, kòtò tó gún kan wà níbẹ̀, kedere. Bó bá jẹ́ ṣílè mẹ́rìnlá ni, òpó pọ́n-ùn ì bá ṣófo, bó ṣe fi í sílẹ̀ lófo ní ìlà 5. Mo tún wo ojú-ìwé tó dojú kọ ọ́, torí tàdáwà tútù máa ń fi ara rẹ̀ sí ìwé kejì bí wọ́n bá pa ìwé dé. Mo yí fọ́tò ibẹ̀ sódì, bí ẹni ń wo dígí, àmì 8 fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ wà níwájú òpó kọ́bọ̀. Ọ̀pá mẹ́jọ, pọ́n-ùn kan, ṣílè mẹ́jọ.

Síbẹ̀, nínú àtẹ mi, inú àkámọ́ onígun ni mo kọ ọ́ sí: [8], [1-8-0]. Mo sì kọ ìdí rẹ̀ sínú òpó tó gbẹ̀yìn: kòtò gègé, ojú-ìwé kejì, ìṣirò. Ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn gbọ́dọ̀ lè mọ ohun tí ojú rí yàtọ̀ sí ohun tí mo fi èrò dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi omi tàbí ìka tútù kan irú ìwé báyìí nítorí kó lè hàn. Pẹ́ńsùlù yẹn á ṣàn, á sì bo ìyókù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa kọ̀ǹpútà, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín ti máa kọsẹ̀. Bí ẹ bá tẹ 1/6 sínú àtẹ oníṣirò, á sọ ọ́ di ọjọ́ inú oṣù lójú ẹsẹ̀, kò sì ní bi yín. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ lásán ni òpó yẹn, kì í ṣe iye. Bí ẹ bá sì tẹ pọ́n-ùn kan àti ṣílè mẹ́rin bíi 1.4, ẹ ti fún Ìyá Alákàrà ní gbèsè ṣílè mẹ́rin sí i, torí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá pọ́n-ùn, ṣílè mẹ́jọ ni. Òpó mẹ́ta ni kí ẹ lò fún owó, kí ẹ wá sọ gbogbo rẹ̀ di kọ́bọ̀ nínú òpó kẹrin. Bí pọ́n-ùn bá wà ní D, ṣílè ní E, kọ́bọ̀ ní F:

```
=D2*240+E2*12+F2
```

Ojú-ìwé wa yìí jẹ́ kọ́bọ̀ 2772 lápapọ̀. Bí òpó kẹrin kò bá fún yín ní iye yẹn, ẹ wá àṣìtẹ̀ tiyín kí ẹ tó wá ti bàbá. Bí ẹ bá wá a títí tí ẹ kò rí i, ẹ kọ iye tirẹ̀ àti iye tiyín sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ má sì pa tirẹ̀ rẹ́.

Ó ku „43” létí orúkọ ìyàwó pásítọ̀. Àmì ṣílè kò sí lára rẹ̀, nítorí náà owó kọ́ ni. Mo ṣí ojú-ìwé 43, orúkọ rẹ̀ ló wà lókè pátápátá, pẹ̀lú 1-17-6 kan náà. Gbèsè tó pẹ́ jù ni bàbá ń kó lọ sí iwájú, kó má bàa máa ṣí ìwé sẹ́yìn. Ewu méjì ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá tẹ ojú-ìwé méjèèjì tó sì ro wọ́n pọ̀ ti ka àrán kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá sì wo ojú-ìwé tiwa nìkan á ní ìyàwó pásítọ̀ kò san kọ́bọ̀ kan. Lójú-ìwé 43, ìlà pẹ́ńsùlù wà lórí orúkọ rẹ̀.

Ṣé gbogbo ìlà pẹ́ńsùlù ló wá túmọ̀ sí owó tó wọlé? Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ojú-ìwé méjì mìíràn, bàbá kọ „mo fi ji” síwájú ìlà náà. Gbèsè tó fi ji onígbèsè nìyẹn. Kò sí irú ọ̀rọ̀ yẹn lójú-ìwé tiwa, ṣùgbọ́n ó di dandan kí òpó kan wà fún un. Ìlà pẹ́ńsùlù kò sì sọ ọjọ́ tí wọ́n san owó fún wa. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìgbà kòkó ni owó ń wọlé jù, ìlà yìí kò lè dá a lóhùn.

Nínú pọ́n-ùn mọ́kànlá àti ṣílè mọ́kànlá tí bàbá tà láwìn lójú-ìwé yẹn, ṣílè méjìdínlọ́gbọ̀n ló kù lọ́rùn Ìyá Ìbejì, mọ́kànlá ló kù lọ́rùn Bàbá Oníkẹ̀kẹ́. Kò tó pọ́n-ùn méjì. Ohun tó wó òwò náà, ojú-ìwé kan kò lè sọ ọ́, n kò sì ní fi ẹnu ìwé sọ ohun tí kò sọ. Wọ́n ti yọ gbólóhùn nípa àwọn ará Àkúrẹ́ kúrò nínú ìwé ìrántí. Ọmọ-ọmọ yẹn ti padà sí ojú-ìwé kìíní, ó ti fi òpó tuntun kún àtẹ rẹ̀: ohun ìkọ̀wé tó fa ìlà, irú ìlà, owó tó wà létí, àti ojú-ìwé tí gbèsè kó lọ. Ojú-ìwé 12 ló wà báyìí, níbi tí tàdáwà àti pẹ́ńsùlù ti fa orúkọ kan náà pa, ọ̀kan lórí èkejì. Èmi ní tàdáwà ló ṣáájú, òun ní pẹ́ńsùlù ni. Ọ̀sẹ̀ kejì rèé tí a ti ń fa ọ̀rọ̀ náà.